Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: Máàpù bíráǹdì ohun mímu mẹ́fà, àti bí a ṣe ń dá àlàfo gidi mọ̀ yàtọ̀ sí ihò lásán

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ gbé ohun mímu tuntun tí kò lọ́tí nínú jáde, ó sì fẹ́ mọ ibi tí ààyè ṣì kù lọ́jà. Ohun tí a máa yà ni máàpù tó ń fi hàn bí àwọn tó ń mu ohun mímu ṣe ń wo àwọn bíráǹdì tó ti wà níbẹ̀: èwo ló jọ èwo, èwo ló jìnnà sí èwo, ibo ló ṣófo. Ẹ jẹ́ kó yé wa pé kì í ṣe máàpù ohun tó wà nínú ìgò. Ohun tó wà lọ́kàn oníbàárà nípa ìgò náà ni. Ohun mímu méjì lè ní iye ṣúgà kan náà kí wọ́n sì wà ní ìkángun méjèèjì máàpù.

Lẹ́tà la fi rọ́pò orúkọ bíráǹdì. Àwọn nọ́ńbà inú tábìlì jẹ́ ti àpẹẹrẹ, a tò wọ́n kí ìṣirò lè hàn ketekete, ṣùgbọ́n gbogbo èsì tó tẹ̀ lé wọn ti inú tábìlì yẹn jáde lóòótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lè tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

A ni kólà tó gbajúmọ̀ jù. B ni kólà kejì, tó kéré sí i. C ni ohun mímu amúnilágbára. D ni jùsì èso, E ni omi onígáàsì tí kò ní ṣúgà, F sì ni tíì tútù inú ìgò.

Kíkó ọ̀rọ̀ jọ

Àbùdá tí a máa bi àwọn èèyàn léèrè kò gbọdọ̀ ti orí àwọn tó ń ta ọjà wá. Ẹni tó ń ta ọjà á ní "òtítọ́ inú" àti "ìmísí", ẹni tó ń mu ún á ní "ó ń dùn jù". Ọ̀nà tó dára jù láti rí àbùdá gidi ni ti onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá George Kelly, tó gbé e jáde ní 1955: a gbé ìgò mẹ́ta síwájú èèyàn, a ní kó sọ ohun tí méjì fi jọra tí ẹ̀kẹta kò fi bá wọn dọ́gba. A ó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, a ó sì pààrọ̀ ìgò mẹ́ta náà. Tí èèyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá ti dáhùn, ọ̀rọ̀ tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. A ó wá kó àwọn tó jọra pọ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, mẹ́fà ló kù: ó dùn dáadáa, ó yẹ fún àríyá, ó ń fúnni lágbára, ó ń pa òùngbẹ, ó dára fún ara, ó bá àgbàlagbà mu.

Lẹ́yìn èyí la tó lọ bá igba olùdáhùn. A kò ní kí wọ́n fún bíráǹdì kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 7 lórí àbùdá kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè mẹ́rìndínlógójì nìyẹn, kí ó sì tó dé ogún, ẹni tó ń dáhùn á ti máa fi 5 sí gbogbo rẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a fi àbùdá kan hàn wọ́n, a ní kí wọ́n máàkì gbogbo bíráǹdì tó bá a mu, iye yòówù kí ó jẹ́, títí kan "kò sí ìkankan". Ohun mẹ́ta la kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: bíráǹdì tí olùdáhùn kò bá mọ̀ kì í jáde lójú tirẹ̀, a ń pààrọ̀ bí bíráǹdì ṣe tò tẹ̀ lé ara fún olùdáhùn kọ̀ọ̀kan, torí èyí tó bá wà lókè ló máa ń gba máàkì jù, "kò sí ìkankan" sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn á máa wá ibi tí wọ́n á ti máàkì kí wọ́n lè ráyè lọ.

Tábìlì tó jáde nìyí. Nọ́ńbà inú rẹ̀ ni iye ìgbà tí wọ́n máàkì bíráǹdì náà sí àbùdá náà.

| | Dùn | Àríyá | Agbára | Òùngbẹ | Ara | Àgbà | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|---|---|---|---|
| A kólà | 140 | 150 | 60 | 80 | 20 | 50 | 500 |
| B kólà kejì | 80 | 70 | 30 | 40 | 10 | 20 | 250 |
| C amúnilágbára | 60 | 60 | 120 | 20 | 10 | 30 | 300 |
| D jùsì | 90 | 40 | 50 | 70 | 110 | 40 | 400 |
| E omi onígáàsì | 10 | 20 | 20 | 110 | 90 | 50 | 300 |
| F tíì tútù | 40 | 20 | 20 | 60 | 60 | 50 | 250 |
| Àpapọ̀ | 420 | 360 | 300 | 380 | 300 | 240 | 2000 |

Ká kọ́kọ́ yọ òkìkí kúrò

Ẹ wo òpó òùngbẹ. A ní 80, F ní 60. Ẹni tó bá fi ojú lásán kà á á ní kólà ń pa òùngbẹ ju tíì tútù lọ. Irọ́ ni. Bíráǹdì tí gbogbo ayé mọ̀ máa ń gba máàkì níbi gbogbo, kódà níbi tí kò ti yẹ ẹ́, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ síni lọ́kàn. Tí a bá fi nọ́ńbà yìí ya máàpù bẹ́ẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ kò ní sọ ohunkóhun ju "ta ló gbajúmọ̀" lọ, a ó sì ti náwó lórí ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Fún ilé kọ̀ọ̀kan nínú tábìlì, a bi í pé: tí bíráǹdì yìí kò bá ní ìwà kan tó yàtọ̀, mélòó ni ì bá ní? A ó sọ àpapọ̀ ìlà rẹ̀ di ìlọ́po àpapọ̀ òpó rẹ̀, a ó sì pín in fún àpapọ̀ gbogbo. Fún A lórí òùngbẹ: 500 lọ́nà 380, pín sí 2000, ó jẹ́ 95. Nígbà tó jẹ́ 80 ló rí gbà, ó fi bíi 16% dín sí ohun tó yẹ ẹ́. Fún F: 250 lọ́nà 380, pín sí 2000, ó jẹ́ 47.5. 60 ló rí gbà, ó fi 26% lé. Ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá.

Òpó àgbà tún hàn gbangba jù bẹ́ẹ̀ lọ. A, E àti F ní 50 kọ̀ọ̀kan, wọ́n dọ́gba. Lẹ́yìn ìṣirò, A fi 17% dín, E fi 39% lé, F fi 67% lé. Nínú gbogbo bíráǹdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, F ni àwọn èèyàn ń wò bí ohun mímu àgbàlagbà jù, ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rí nínú tábìlì àkọ́kọ́.

Ìdí tí a kò fi ọwọ́ mú ìlà méjì

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n jókòó sí ìpàdé, kí wọ́n mú àbùdá méjì tí wọ́n fẹ́ràn, kí wọ́n fi ọ̀kan ṣe ìlà ìdábùú, èkejì ìlà òòró, kí wọ́n wá máa wo igun tó ṣófo. Ká ní wọ́n mú "dára fún ara" àti "yẹ fún àríyá". Nínú tábìlì wa, nígbà tí a ti yọ òkìkí, àbùdá méjèèjì yìí ń lọ ní ọ̀nà òdìkejì ara wọn. Ìbátan wọn jẹ́ −0.93. Ìyẹn ni pé gbogbo bíráǹdì á tò sórí ìlà dídagun kan láti igun kan dé ìkejì, igun méjì tó kù á sì ṣófo dandan. Bí a bá fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ ya máàpù ọjà yòówù, àlàfo méjì ni a óò máa "rí" nígbà gbogbo. Àlàfo tó ti inú bí a ṣe ya ìlà jáde ni, kò fi dandan jẹ́ ti ọjà.

Nítorí náà ìṣirò ló yẹ kó wá ìlà fúnra rẹ̀. Fún tábìlì máàkì bíi tiwa, ọ̀nà tó bá a mu ni èyí tí onímọ̀ ìṣirò Jean-Paul Benzécri àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé lárugẹ ní ilẹ̀ Faransé láti àwọn ọdún 1960. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ìyàtọ̀ láàárín ohun tí a rí àti ohun tí a retí, bí a ṣe ṣe é lókè yìí, á sì wá ìlà tó gba ìyàtọ̀ yẹn mọ́ra jù, lẹ́yìn náà ìlà kejì tí kò tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àkọ́kọ́. Kò gba ju ìlà mélòó kan lọ nínú R, èdè kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò:

```r
N <- as.matrix(read.csv("ohun-mimu.csv", row.names = 1))
P <- N / sum(N); r <- rowSums(P); k <- colSums(P)
S <- (P - r %o% k) / sqrt(r %o% k)
z <- svd(S)
B <- (z$u / sqrt(r)) %*% diag(z$d)
round(z$d^2 / sum(z$d^2), 2)
round(rowSums(B[, 1:2]^2) / rowSums(B^2), 2)
```

Fáìlì CSV tí a kó tábìlì náà sí kò gbọdọ̀ ní ìlà àti òpó "Àpapọ̀" nínú. Tí wọ́n bá ṣèèṣì wà níbẹ̀, R á ka "Àpapọ̀" bíi bíráǹdì keje. Èyí kò ní fi àṣìṣe kankan hàn lójú, ṣùgbọ́n bíráǹdì àjèjì kan á jókòó pẹ́kí ní àárín máàpù, níbi tí òdo àti òdo ti pàdé. Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Àmì − àti + lè yí padà láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn: ohun tó wà lápá ọ̀tún níbí lè bọ́ sí òsì lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kò burú. Bí wọ́n ṣe jìnnà síra ló ṣe pàtàkì.

Ohun tí máàpù sọ

Ìlà ìdábùú gba bíi 69.6% nínú ìyàtọ̀ tó wà nínú tábìlì, ìlà òòró gba bíi 21.8%. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 91%. Ibi tí bíráǹdì kọ̀ọ̀kan jókòó sí nìyí (ìdábùú ló ṣáájú):

- A (−0.36, −0.26), B (−0.38, −0.27)
- C (−0.56, 0.52)
- D (0.27, 0.07)
- E (0.74, 0.04)
- F (0.44, 0.00)

Lápá òsì ni àríyá, agbára àti adùn kóra jọ sí. Lápá ọ̀tún ni ara, òùngbẹ àti àgbà. Ìlà òòró kò ṣe ju pé ó ya agbára (òkè) sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àríyá àti adùn (ìsàlẹ̀). Ní kúkúrú, àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń bi ara wọn pé "ṣé fún ìgbádùn ni tàbí fún ìlera?" kí wọ́n tó bi ara wọn pé "irú ìgbádùn wo?"

Ìkìlọ̀ kan nípa bí a ṣe ń kà á: bíráǹdì pẹ̀lú bíráǹdì, a lè wọn bí wọ́n ṣe jìnnà síra. Ṣùgbọ́n bíráǹdì pẹ̀lú àbùdá, a kò lè fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí máàpù kan náà, torí òṣùwọ̀n wọn yàtọ̀. Apá ibi tí àbùdá kọjú sí láti àárín ni a ń wò. Ọ̀pọ̀ ìjíròrò asán ló ti wáyé lórí pé "bíráǹdì wa sún mọ́ ìlera ju tiwọn lọ" nígbà tó jẹ́ pé ìyàtọ̀ òṣùwọ̀n lásán ni wọ́n ń wò.

A àti B fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lórí ara wọn. Àlàfo àárín wọn jẹ́ 0.02. Kí ẹnikẹ́ni má kọ ìpínrọ̀ kan lórí rẹ̀. A lè mọ bí àlàfo tó kéré bẹ́ẹ̀ ṣe ṣe é gbára lé sí nípa ṣíṣa àwọn olùdáhùn lákọ̀tun: a ó mú igba èèyàn láti inú igba náà, kí ẹnì kan lè jáde lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹlòmíràn má jáde rárá, a ó ṣírò máàpù, a ó sì tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta ìgbà. Bíráǹdì kọ̀ọ̀kan á di ìkúùkù àmì. Àwọn tí ìkúùkù wọn bá wọnú ara, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú oníbàárà. Èèyàn ni kí a máa ṣà, kì í ṣe máàkì: máàkì ogún lè ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo wá, tí a bá sì kà á bí èèyàn ogún, ìkúùkù náà á kéré ju bó ṣe yẹ lọ, a ó sì rò pé ohun gbogbo dá wa lójú. Kí a tó kó àwọn máàpù náà léra, a gbọ́dọ̀ yí èyí tó bá dojú rú padà, nítorí ọ̀rọ̀ àmì − àti + tó wà lókè yẹn.

D kò sí níbi tí máàpù ní ó wà

Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú kóòdù yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Ó ń sọ bí máàpù ṣe ṣojú bíráǹdì kọ̀ọ̀kan tó. A, B àti C fẹ́rẹ̀ẹ́ pé (0.98, 0.98, 0.99), E ní 0.92, F ní 0.86. D ní bíi 0.53. Ìdajì ọ̀rọ̀ D kò sí lórí bébà rárá. Ó wà lórí ìlà kẹta tí a kò yà.

Kí ló pamọ́ síbẹ̀? Ẹ padà sí ìlà D nínú tábìlì. Lórí ara, 110 nígbà tí a retí 60. Lórí adùn, 90 nígbà tí a retí 84. Òun nìkan ni bíráǹdì tó ní adùn tó sì tún ní ìlera lójú àwọn èèyàn. Máàpù kò ní ibi tó lè gbé irú ìyẹn sí, torí pé adùn wà lápá òsì, ìlera wà lápá ọ̀tún. Ó wá fà á sí àárín.

Àbájáde rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láàárín àwọn kólà àti D, ilẹ̀ gbalasa kan wà lórí máàpù, ẹnikẹ́ni tó bá sì wò ó á ní: "ohun mímu tó dùn ṣùgbọ́n tó dára fún ara, kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀." D wà níbẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Máàpù olójú méjì ló gbé e pamọ́. Bí 91% ṣe dára tó lápapọ̀, kò dáàbò bo bíráǹdì kọ̀ọ̀kan.

Ta ló fẹ́ ibẹ̀?

Ihò méjì ló kù lẹ́yìn èyí: òkè ọ̀tún, níbi tí agbára ti pàdé ìlera, àti ìsàlẹ̀ ọ̀tún, níbi tí àríyá ti pàdé àgbà àti ìlera. Ihò nìkan kò tó. Pepsi rí irú rẹ̀ ní 1992, kólà tó mọ́ bí omi, tí wọ́n pè ní Crystal Pepsi. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò pẹ́ tí wọ́n fi kó o kúrò lórí àtẹ.

Láti mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni fẹ́ ibẹ̀, a béèrè ìbéèrè kan náà nípa ohun mímu tí kò sí: "èwo nínú àwọn àbùdá yìí ni o fẹ́ kí ohun mímu rẹ ní ní irú àsìkò yìí?" Àsìkò gbọ́dọ̀ wà nínú ìbéèrè náà. Tí a bá béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ lápapọ̀, gbogbo èèyàn á máàkì "dára fún ara", a ó sì rò pé omi ni gbogbo ayé fẹ́ máa mu. Àsìkò méjì la mú: nígbà tí iṣẹ́ ṣì pọ̀ tí ó sì ti rẹ èèyàn, àti nígbà tí èèyàn wà láwùjọ tí kò fẹ́ mu ọtí. Ìdáhùn wọn, ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ àwọn òpó tábìlì, ló wà nínú kóòdù yìí:

```r
ise   <- c(20, 10, 60, 30, 60, 20)
awujo <- c(15, 50, 10, 35, 40, 50)
G <- z$v / sqrt(k)
((ise / sum(ise)) %*% G)[, 1:2]
((awujo / sum(awujo)) %*% G)[, 1:2]
```

A kò dà wọ́n pọ̀ mọ́ tábìlì N. Bí a bá dà wọ́n pọ̀, ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà máàpù tọ ara rẹ̀ lọ, máàpù náà kò sì ní jẹ́ ti ọjà mọ́. A kàn ń gbé wọn lé e lórí ni.

Ohun mímu iṣẹ́ bọ́ sí (0.26, 0.59). Kò sí bíráǹdì kankan nítòsí rẹ̀. Ihò òkè ọ̀tún gan-an ni. Ohun mímu àwùjọ bọ́ sí (0.26, −0.14), ó fi 0.21 péré jìnnà sí D. Ẹni tó bá dúró síbí á ní: iṣẹ́ ni àlàfo, àwùjọ ti ní jùsì. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni ìdáhùn tí a fún ilé-iṣẹ́ náà.

Àwùjọ: àlàfo tí kò hàn

A ti mọ̀ pé a kò lè gba ibi tí D wà gbọ́, nítorí náà a wọn àlàfo náà lórí gbogbo ìlà dípò méjì péré. Láti ohun mímu àwùjọ dé D kì í ṣe 0.21 mọ́, ó di 0.70. Dé F, 0.50. F ni alábàádíje tó sún mọ́ ọn jù lóòótọ́, kì í ṣe D. Jùsì dùn jù fún àwọn tó wà láwùjọ, wọn kò sì kà á sí ti àgbà: ó fi 17% dín sí ohun tó yẹ ẹ́ níbẹ̀.

Kí ló wá ku F kù? Ohun kan ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú àlàfo náà: àríyá. Tíì tútù gba 20 nínú máàkì 250 rẹ̀ lórí àríyá, 8%. Àwọn tó ń dáhùn fún àwùjọ fẹ́ 25%. Ní ti àgbà, F ti ní 20%, wọ́n sì fẹ́ 25%, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà. Nítorí náà àlàfo náà ní orúkọ tí a lè fi gbé e fún ẹni tó ń po ohun mímu: ohun tí tíì tútù jẹ́ fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n tí ó yẹ kí a máa gbé lọ́wọ́ níbi tí ìlù ti ń dún.

Iṣẹ́: ihò tó ní ìdí tó fi ṣófo

Òkè ọ̀tún dùn ún wò. Àmọ́ kí a tó pè é ní àǹfààní, ó yẹ ká béèrè bóyá ohun kan ń lé àwọn bíráǹdì kúrò níbẹ̀. Kaféènì ni. Ohun mímu amúnilágbára tó wọ́pọ̀ máa ń ní bíi mílígíráàmù 32 nínú mìlílítà 100, ìyẹn 80 nínú agolo 250. Òfin Yúróòpù sọ pé ohun mímu tí kì í ṣe kọfí tàbí tíì, tí kaféènì rẹ̀ bá ju mílígíráàmù 150 lọ nínú lítà kan, gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára pé kaféènì inú rẹ̀ pọ̀, pé kò yẹ fún ọmọdé, aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹ ro ohun mímu tó fẹ́ gba máàkì lórí "dára fún ara", tí ìkìlọ̀ yẹn sì wà lára agolo rẹ̀.

Tí a bá wá dúró lábẹ́ 150 kí ìkìlọ̀ má bàa sí, agolo 250 kò lè ní ju mílígíráàmù 37.5 lọ, kò tó ìdajì ohun tí ẹni tó ń mu C ti mọ́ lára. Á mu ún, kò ní rí ohun tó retí, á sì padà sọ́dọ̀ C. Bí a bá fà á síhìn-ín, ọ̀hún á já. Èèyàn lè gbìyànjú ibẹ̀, pàápàá pẹ̀lú tíì tí kaféènì rẹ̀ ti inú ewé wá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwádìí ohun mímu ni yóò jẹ́ kó tó di iṣẹ́ ìpolówó, owó àti àsìkò tó sì wà nílẹ̀ kò gba ìyẹn.

Ohun tí a kọ fún ẹni tó ń po ohun mímu

Ìpìlẹ̀ tíì, torí ibẹ̀ ni "àgbà" ti ń wá. Kí gáàsì wà nínú rẹ̀, kí ó lè dún tí a bá ṣí i, kí fóòmù sì gòkè nínú ife: ohun tó ń sọ "àríyá" fún ojú àti etí nìyẹn kí ahọ́n tó dá sí i. Kí ṣúgà má ju gíráàmù 4 lọ nínú mìlílítà 100. Kólà máa ń ní 10 sí 11. Kí ìkorò díẹ̀ kù lẹ́nu, nítorí ìkorò ló ń jẹ́ kí èèyàn máa fara balẹ̀ mu, láwùjọ sì rèé, ife kan gbọ́dọ̀ pẹ́ lọ́wọ́. Ìgò dídán, kì í ṣe páálí: páálí á fà á padà sọ́dọ̀ jùsì kíákíá.

Kí kaféènì tíì náà dúró lábẹ́ iye tó lè dí oorun lọ́wọ́ àwọn tó ń mu ún lálẹ́. Ohun tí a kọ síwájú ìgò kò gbọdọ̀ dárúkọ ìlera rárá. Àwọn tó dáhùn fẹ́ 20% níbẹ̀, 15% sì ni gbogbo ọjà ní ní àròpọ̀. Ṣúgà tó kéré á ṣe èyí tó kù fúnra rẹ̀. Tí a bá pariwo ìlera, máàkì á ṣí láti òpó àríyá lọ sí òpó ara, a ó sì ti di F kejì.

Ìdánwò tó kàn

Káàdì kan tó ní àwòrán ìgò àti gbólóhùn mẹ́ta ni a máa fi bọ́ sáàárín àwọn bíráǹdì mẹ́fà náà, kí àwọn olùdáhùn tuntun máàkì rẹ̀ bíi bíráǹdì keje láìmọ̀ pé òun ni a ń wò. Ìtọ́wò pẹ̀lú ìbòjú kò lè rọ́pò èyí. Coca-Cola ti fi ìtọ́wò rí i ní 1985 pé àwọn èèyàn fẹ́ràn adùn tuntun ju ti àtijọ́ lọ, síbẹ̀ wọ́n dá ti àtijọ́ padà lọ́dún yẹn kan náà, torí ohun tó wà lọ́kàn àwọn èèyàn nípa orúkọ náà kò sí nínú ife ìtọ́wò.

Ààlà tí a ti kọ sílẹ̀ kí èsì tó dé nìyí, kí ẹnikẹ́ni má bàa sún un lẹ́yìn rẹ̀. Tí àríyá bá gba kéré sí 18% nínú máàkì káàdì náà, tó jẹ́ ìwọ̀n gbogbo ọjà, iṣẹ́ dúró: tíì tútù míràn la ń ṣe. Tí àgbà bá bọ́ sábẹ́ 12%, ó ti di kólà, A sì lágbára ju kí a lọ bá a níbẹ̀ lọ. Tí méjèèjì bá lé ààlà ṣùgbọ́n tí iye àwọn tó máàkì ohunkóhun fún un kò tó nǹkan, káàdì ni kí a tún kọ, kí a má tíì fọwọ́ kan ohun mímu náà.